Nígbà Tí Ojú Ọ̀run Bá Di Àtẹ̀gùn

Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ HBO gbé apá kẹta nínú ọ̀wọ́ kẹjọ eré *Game of Thrones* sáfẹ́fẹ́. Ogun òru ni wọ́n ń jà nínú rẹ̀: òkùnkùn, èéfín, yìnyín, àti iná tó ń tàn fìrí láàárín wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ariwo ti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn olùwòran ní àwọn ò mọ ẹni tó ń pa ẹni. Ìyẹn nìkan kọ́ ló bí wọn nínú. Èéfín tó yẹ kó máa ṣú díẹ̀díẹ̀ ti pín sí abala-abala lójú ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ wọn, etí abala kọ̀ọ̀kan sì hàn gedegbe bí etí àtẹ̀gùn. Fabian Wagner tó ya eré náà fèsì. Kò gbà pé kámẹ́rà òun ló jẹ̀bi. Ó ní bí wọ́n ṣe fún fídíò náà pọ̀ kó tó délé àwọn èèyàn, àti bí àwọn èèyàn ṣe to tẹlifíṣọ̀n wọn, ló fa ọ̀pọ̀ nínú wàhálà náà.

Ẹni tí kò wo eré yẹn rí náà ti rí àrùn yìí. Èèyàn dúró sórí àpáta ní ìrọ̀lẹ́, ó ya ojú ọ̀run bí oòrùn ṣe ń wọ̀, àwòrán náà sì jọ̀lọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, àbúrò náà fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn, nígbà tó sì fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, ojú ọ̀run ti di ìpele-ìpele bí ẹni pé wọ́n fi bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ̀ ẹ́. Bándìn ni àwọn oníṣẹ́ fídíò ń pè é. Kì í bá ojú èèyàn jà, kì í bá ewé igi tàbí aṣọ léèsì jà. Ibi tó bá ti dán tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ló máa ń mú: ojú ọ̀run, ògiri tí iná tàn sí, kùrukùru, omi tó dákẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà ni àwòrán kọ̀ǹpútà. Písẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ àmì tín-ín-tín tí àwòrán fi dúró, ní iye ìmọ́lẹ̀ kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Nínú fáìlì oníbíìtì 8, irú èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ fótò àti fídíò wà nínú rẹ̀, iye yẹn ò lè kúrò láàárín 0 sí 255. Ó lè jẹ́ 150, ó lè jẹ́ 151. Kò sí 150 àbọ̀.

Ká mú àwòrán ìrọ̀lẹ́ kan ká ṣírò rẹ̀. Ìlà písẹ́ẹ̀lì 1080 ló wà láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run sì gba 600 nínú wọn. Lókè pátápátá, ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 150, ó ń mọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di 180 níbi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Ìgbésẹ̀ 30 péré ló wà láàárín 150 àti 180. Bí a bá pín ìlà 600 sí ọ̀nà 30, ìlà 20 gbáko ni yóò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kó tó fò lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Òfuurufú gidi ń gun òkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fáìlì ń gun àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ 1 nínú 255 kéré gan-an, kí ló dé tí ojú fi ń rí i? Onímọ̀ físíìsì ará Austria kan, Ernst Mach, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1865. Níbi tí àwọ̀ méjì bá ti fẹnu kora, ojú wa a máa bù mọ́ ìyàtọ̀ wọn: a máa mú kí apá tó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i létí ibẹ̀, kí apá tó ṣú sì ṣú sí i. Ó wúlò fún ọdẹ tó ń wá ẹran nínú igbó. Fún ẹni tó ń wo ojú ọ̀run oníbíìtì 8, ńṣe ló ń fa ìlà síbi tí ìlà ò sí.

Síbẹ̀, àtẹ̀gùn onílà 20 yìí ṣì ṣeé fara dà. Fífún fáìlì pọ̀ ló ń sọ ọ́ di ẹ̀gbin.

Ọ̀nà tí JPEG ń gbà ṣe é ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé. Ó máa gé àwòrán sí búlọ́ọ̀kù kéékèèké, písẹ́ẹ̀lì 8 ní ìbú, 8 ní òró. Fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kò tún ní tọ́jú nọ́ńbà 64 inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Yóò kọ ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀ búlọ́ọ̀kù náà sílẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà nínú rẹ̀, láti orí ìyípadà tó falẹ̀ dé orí èyí tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Títí dé ibí, kò tíì sọ nǹkan kan nù. Ìgbà tó bá wá fẹ́ kí fáìlì fúyẹ́ ni yóò gbé asẹ́ jáde, tí yóò sì máa fi odindi ìgbésẹ̀ ńlá ka àwọn iye wọ̀nyẹn. Iye tí kò bá tó ìdajì ìgbésẹ̀ kan, òfo ni wọ́n kọ sí i.

Ká fi àwòrán ìrọ̀lẹ́ wa sí asẹ́ yìí. Bí a bá fi kúálítì 25 pamọ́ ọ nínú àwọn ètò tó ń lo tábìlì JPEG tó wọ́pọ̀, ìpíndọ́gba búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan yóò máa fò ní mẹ́rin-mẹ́rin: 152, 156, 160. Kò sí 153 mọ́. Ìyípadà tó falẹ̀ jù nínú búlọ́ọ̀kù, èyí tó yẹ kó rántí pé òkè búlọ́ọ̀kù ṣú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ tó 12 kó tó yè. Ti ojú ọ̀run wa ò tó 1. Asẹ́ gbé e lọ, búlọ́ọ̀kù náà sì di àwọ̀ kan ṣoṣo tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àtẹ̀gùn tó ní ìgbésẹ̀ 30 tẹ́lẹ̀ wá ku nǹkan bíi 8, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ga tó ìlà 80. Bí èèyàn bá fi kúálítì 10 pamọ́ ọ, ìfò náà a di mẹ́wàá-mẹ́wàá, ojú ọ̀run tó kún fún ẹwà yóò sì ku abala mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní kúálítì 90, ìfò náà kò tó 1, àwòrán kò sì burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ìyá onígaàrí kan ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ká ní 230 náírà ni kọ́ńgò gaàrí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó 100 náírà nìkan ló kù lọ́jà, kò sí ṣéńjì. Bó bá gba 200 lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, gbèsè ni yóò jẹ. Bó bá gba 300, ó rẹ́ wọn jẹ. Ohun tó lè ṣe ni pé nínú oníbàárà mẹ́wàá, kó gba 300 lọ́wọ́ mẹ́ta, kó gba 200 lọ́wọ́ méje tó kù. Kò sẹ́ni tó san iye tó tọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n 2,300 ló wọlé, kò dín, kò lé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dítà, orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ fi ń pe ọgbọ́n náà, ń ṣe. Níbi tí ojú ọ̀run bá ti yẹ kó jẹ́ 150.3, yóò fún písẹ́ẹ̀lì mẹ́ta nínú mẹ́wàá ní 151, yóò fún méje ní 150, yóò sì fọ́n wọn ká láìtò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le: kí wọ́n tó sọ iye náà di odindi, wọ́n á fi èyí-jẹ-èyí-ò-jẹ kékeré kan kún un, láàárín ìdajì sí ìsàlẹ̀ àti ìdajì sí òkè. Bí iye bá ṣe súnmọ́ 151 tó ni yóò ṣe máa bọ́ sí 151 lemọ́lemọ́ tó. Etí àtẹ̀gùn tí ojú ń wá kò sí mọ́. Hóró wẹ́wẹ́ ló rọ́pò rẹ̀, ojú kò sì bìkítà fún hóró tó fọ́n ká. Ẹni tó bá ti rí ẹyẹ ẹtù lókèèrè mọ ohun tí à ń wí. Dúdú àti funfun tótòtó ni ìyẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, eérú ló jọ lókèèrè.

Lawrence Roberts ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ fún àwòrán, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní 1961. Lẹ́yìn náà ló wá di ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ ARPANET, ìyá íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n ló fẹ́ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà. Ó rí i pé bíìtì 6, ìyẹn ìpele 64, ni ojú èèyàn ń fẹ́ kó tó gbà pé àwòrán dára. Roberts fi ariwo kékeré kún àwòrán kó tó sọ ọ́ di nọ́ńbà, ó sì yọ irú ariwo kan náà lẹ́yìn tó débi tó ń lọ. Bíìtì 3 wá tó, ìpele 8 péré. Ó yani lẹ́nu pé kí èèyàn ba nǹkan jẹ́ díẹ̀ kó lè dára sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ti Robert Floyd àti Louis Steinberg, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1976. Nínú tiwọn, ìyá onígaàrí kì í ta kèrègbè. Ó ń ṣírò. Bó bá ti gba àgbàlé lọ́wọ́ oníbàárà kan, yóò rántí rẹ̀, yóò sì dín in kù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àṣìṣe písẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pín sí ọ̀nà 16: aládùúgbò ọ̀tún gba 7, àwọn mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ gba 3, 5 àti 1. Ó dára púpọ̀ fún àwòrán tó dúró sójú kan. Nínú fídíò, ó máa ń dani láàmú, nítorí bí nǹkan kékeré bá mì ní igun kan, hóró inú gbogbo àwòrán yóò yí padà, ojú ọ̀run á sì dà bí ibi tí èèrà ń rìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà wá nìyí. Wọ́n gbọ́ pé dítà ń wo bándìn sàn, wọ́n wọ́n hóró sí fídíò wọn, ó jọ̀lọ̀ lójú wọn, wọ́n fún un pọ̀, bándìn sì padà wá bí ẹni pé kò lọ rí. Asẹ́ tó gbé ojú ọ̀run lọ ló gbé hóró lọ. Hóró dítà jẹ́ ìyípadà tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, kò sì tó 1. Ní kúálítì 25 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, èyí tó rọ asẹ́ náà lọ́rùn jù gbọ́dọ̀ tó 10 kó tó yè. Àwọn tó kọ ìwé ìlò ètò FFmpeg mọ èyí. Níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé àlẹ̀mọ́ wọn tó ń jẹ́ `gradfun`, èyí tó ń fi dítà tún ojú ọ̀run tó ti di ìpele ṣe, wọ́n kìlọ̀ pé ìgbà tí a bá ń wo fídíò ni kí á lò ó, pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó ṣáájú fífún pọ̀, nítorí hóró náà yóò sọnù, àwọn abala á sì padà.

Nítorí náà, ìbéèrè kì í ṣe bóyá kí á wọ́n hóró. Ibi tí a ti wọ́n ọn lójú ọ̀nà ni.

Ibi tó dára jù ni ìpẹ̀kun, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú fáìlì sílẹ̀ tán, kó tó kan ojú ẹ̀rọ. Bíìtì 10 ló mú kí èyí rọrùn. Nínú fáìlì oníbíìtì 10, ìpele 1024 ló wà dípò 256. Àtẹ̀gùn onígbèésẹ̀ 30 wa a di 120, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju ìlà 5 lọ, ojú kì í sì í sábà rí ìyẹn. Fáìlì náà kò gbé hóró kankan rù, nítorí náà asẹ́ ò ní nǹkan tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dé ojú ẹ̀rọ oníbíìtì 8, ètò tó ń gbé fídíò jáde, bíi mpv, ni yóò wọ́n hóró tuntun síbẹ̀. Kódà fídíò tó ti wà ní bíìtì 8 láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń jàǹfààní bí wọ́n bá fi bíìtì 10 fún un pọ̀, nítorí ìṣirò inú iṣẹ́ náà kò ní máa gé àjẹkù dànù ní gbogbo ìgbésẹ̀. Àṣẹ tí oníṣẹ́ lè tẹ̀ nìyí:

```
ffmpeg -i orun.mov -c:v libx265 -preset slow -crf 18 \
  -pix_fmt yuv420p10le -x265-params aq-mode=3 orun.mp4
```

`yuv420p10le` ló sọ pé bíìtì 10 ni. `crf` ni kúálítì: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe dára tó, tí fáìlì sì wúwo tó. `aq-mode=3` ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má ṣe fi gbogbo owó rẹ̀ ra ewé igi àti irun orí, kó rántí ibi tó tẹ́jú, pàápàá ibi tó ṣókùnkùn. Ogun òru HBO ì bá ti fẹ́ irú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo libx264 dípò libx265 yóò pàdé ìṣòro kan: ọ̀pọ̀ fóònù ni kò ní ohun èlò tó lè tú bíìtì 10 irú ti H.264, nígbà tí ti HEVC wọ́pọ̀ lórí àwọn fóònù ọdún àìpẹ́ yìí.

Ẹni tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló máa tún fídíò rẹ̀ fún pọ̀, bíi YouTube, kò ní agbára lórí ìpẹ̀kun. Òun ló lè wọ́n hóró ṣáájú, kó sì jẹ́ hóró tó lágbára, èyí tí asẹ́ ò lè gbé tán. Hóró dítà lásán ò tó. Ohun tó jọ hóró fíìmù àtijọ́ ni. Ó ní iye owó tirẹ̀: hóró tó yè ń jẹ bíìtì, fáìlì á wúwo, bí àyè kò bá sì tó, ojú àwọn òṣèré ni yóò san án. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lè fi `noise=alls=4:allf=t` sínú àlẹ̀mọ́ FFmpeg, kó fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ojú ọ̀run tó le jù nínú fídíò náà dán an wò kó tó ṣe odindi.

Ìlànà AV1 tó jáde ní 2018 ló gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, lójú òǹkọ̀wé yìí. Kò gbé hóró kọjá nínú asẹ́ rárá. Ó lè yọ hóró fíìmù kúrò, kó wọn bó ṣe rí, kó fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ pẹ̀lú fídíò tó mọ́ tónítóní, kí ẹ̀rọ olùwòran sì ṣe hóró tuntun tó jọ ọ́. Ìwọ̀nba nọ́ńbà díẹ̀ ló rìnrìn àjò.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kó kọ́kọ́ mọ irú bándìn tó ń bá jà. Kó sún àwòrán mọ́ra, kó sì fi irinṣẹ́ tó ń ka àwọ̀ tẹ abala méjì tó fẹnu kora. Bí wọ́n bá fi 1 péré ju ara wọn lọ, tí etí wọn sì jọ̀lọ̀, bíìtì ni kò tó. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 3, 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí etí náà sì rí bí igun búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò, asẹ́ ló ṣe é. Bí nọ́ńbà bá ń yí padà wẹ́rẹ́ tí ojú ṣì ń rí ìlà, ojú ẹ̀rọ gan-an ni kí á fura sí. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká olówó pọ́ọ́kú jẹ́ oníbíìtì 6, dítà tó ń ṣẹ́jú kíákíá ni wọ́n fi ń díbọ́n pé àwọn ní 8. Kí èèyàn má sì gbẹ́kẹ̀ lé máàkì tí ètò ìṣirò kúálítì bá fún fídíò. Àṣìṣe bándìn kéré ní nọ́ńbà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ètò bẹ́ẹ̀ ń fún un ní máàkì gidi. Ìdí nìyẹn tí Netflix fi ṣe ìwọ̀n mìíràn tó ń jẹ́ CAMBI ní 2021, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó wá abala-abala bẹ́ẹ̀ kiri.

Olùwòran lásán tí fídíò ti bà jẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ náà kò ṣaláìní ọ̀nà. Nínú mpv, lẹ́tà `b` lórí kíbọ́ọ̀dù ló ń tan ìtọ́jú bándìn, tó tún ń pa á. Ó máa ń fi ìmọ́lẹ̀ àyíká pa etí abala rẹ́, a sì wọ́n hóró lé e. Kò lè dá ohun tó sọnù padà. Àwọsánmà fẹ́lẹ́ tí asẹ́ gbé lọ ti lọ.

Ní ti fótò ìrọ̀lẹ́ orí àpáta yẹn, bí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò yín rí i bí ẹ ṣe yà á, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fótò lórí Wọ́sáàpù. Ẹ yan ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé ránṣẹ́, kí ẹ mú un láti ibẹ̀. Fáìlì náà á lọ bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni kò ní fún un pọ̀.